Iṣẹ́ tó ń yí PDF padà sí Wọ́ọ̀dù lórí íńtánẹ́ẹ̀tì: ìràwọ̀ méjì nínú márùn-ún

Ìwé ètò ẹgbẹ́ Gẹ̀lẹ̀dẹ́ wa ní Kétu ni mo gbé fún wọn. Faransé wà lápá òsì, Yorùbá wà lápá ọ̀tún, lójú ewé A4. Fáìlì tí wọ́n kọ́kọ́ fi tẹ̀ ẹ́ ti sọnù, PDF nìkan ló kù, a sì fẹ́ pààrọ̀ orúkọ àwọn olóyè. Mo sanwó oṣù kan.

Faransé jáde dáadáa. Ti Yorùbá ni ká máa wò. Ibi tí PDF fi `ɔmɔ` hàn, Wọ́ọ̀dù gbé `ömö` síbẹ̀; `ɛyɛ` di `ëyë`. Akọ̀wé ẹgbẹ́ wò ó títí, ó ní: “Àbúrò, ta ló kọ èdè Jámánì sínú ìwé wa?”

Èyí kì í ṣe ẹ̀bi iṣẹ́ náà. Àwòrán lẹ́tà àti ibi tó dúró sí lójú ewé ni PDF ń tọ́jú. Fọ́ǹtì àtijọ́ ni wọ́n fi kọ ti Yorùbá: ẹni tó ṣe é ya ɔ sí àyè ö, ó ya ɛ sí àyè ë. Ojú rí ɔ, ṣùgbọ́n ö ni kọ̀ǹpútà mọ̀ ọ́n sí. Àṣẹ `pdffonts`, tó ń to àwọn fọ́ǹtì inú PDF lẹ́sẹẹsẹ, ń fi í hàn lọ́fẹ̀ẹ́:

```
pdffonts eto.pdf
```

Lábẹ́ `uni`, fọ́ǹtì náà ní `no`: kò sí àtẹ tó ń sọ lẹ́tà tí àwòrán kọ̀ọ̀kan jẹ́ gan-an, àyè tó wà nìkan ni kọ̀ǹpútà ń wò.

Ohun tí mi ò lè forí jì wọ́n ni bí wọ́n ṣe to ojú ewé. Wọ́n ní àwọn kì í ba ètò ìwé jẹ́, àṣé ìlà kọ̀ọ̀kan ni wọ́n há mọ́ inú àpótí tirẹ̀. Mo fi orúkọ olóyè kan tó gùn díẹ̀ sí i, ó gorí ìlà tó tẹ̀ lé e. Mo ṣe ẹ̀dà gbogbo rẹ̀, ìlà Faransé kan, ìlà Yorùbá kan, wọ́n wọnú ara wọn.

Mo pa Wọ́ọ̀dù wọn tì. Ewé A4 fẹ̀ tó 595, ó ga tó 842 nínú ìwọ̀n PDF, nítorí náà mo gé ìdajì ọ̀tún nìkan:

```
pdftotext -x 298 -y 0 -W 297 -H 842 eto.pdf otun.txt
```

Nínú `otun.txt`, mo wá gbogbo ö, mo fi ɔ rọ́pò rẹ̀, mo ṣe ë bákan náà. Àwọn tó ní àmì ohùn wà ní àyè mìíràn nínú fọ́ǹtì náà. Mo wo PDF láti mọ èyí tó jẹ́ èwo. Ẹ má dán èyí wò níbi tí Faransé wà o, torí `Noël` á di `Noɛl`. Apá òsì, `-x 0` ni. Lẹ́yìn náà mo ya tábìlì olópòó méjì nínú LibreOffice, mo da ọ̀rọ̀ sí i.

Bó bá jẹ́ àpótí òfìfo lásán ló jáde nígbà tí ẹ ṣe ẹ̀dà, tàbí ọ̀rọ̀ ò tiẹ̀ ṣeé yàn, fífi lẹ́tà rọ́pò lẹ́tà ò ní ràn yín lọ́wọ́. Ẹ̀rọ tó ń ka lẹ́tà láti inú àwòrán lẹ máa lò.

Ìràwọ̀ méjì yẹn, torí ìwé Faransé olópòó kan ni: èyí tí mo tún gbé fún wọn jáde láìní àléébù. Ìwé ètò tuntun, fọ́ǹtì Charis SIL ni mo fi kọ ọ́, `pdffonts` sì fi `yes` hàn.