Máìkì àyà ₦4,500 nínú ṣọ́ọ̀ṣì tó ń dún bíi kànga: ohun tí mo rí láàárín oṣù mẹ́jọ

Ṣọ́ọ̀ṣì wa ní Ògbómọ̀ṣọ́ ga, ó sì fẹ̀. Táìlì ni ilẹ̀ rẹ̀, gíláàsì ló wà lójú fèrèsé, kò sì sí kọ́tìnnì kankan níbẹ̀. Bí èèyàn bá pàtẹ́wọ́ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo ní Sátidé tí kò sẹ́nì kankan nínú ilé, ìró yẹn á rìn yí ilé ká kó tó kú. Èmi ni mo ń gba ìwàásù sílẹ̀ fún àwọn tí kò lè wá, Ìyá kan tí orúnkún ń dà láàmú ni mo sì máa ń kọ́kọ́ fi ránṣẹ́ sí lórí Wasáàpù. Nígbà náà, orí bẹ́ǹṣì iwájú ni mo máa ń gbé fóònù sí. Lọ́jọ́ kan Ìyá pè mí, wọ́n ní: "Ọmọ mi, ṣé inú kànga ni Pásítọ̀ ti wàásù lọ́sẹ̀ yìí ni?" Ọ̀rọ̀ yẹn ló gbé mi dé Tákíè nílùú wa lọ́jọ́ kejì láti lọ ra máìkì àyà.

₦4,500 ni mo ra máìkì náà. Kò ní bátìrì, wáyà rẹ̀ kò ju ìwọ̀n gíga èèyàn lọ, kílíìpù kékeré kan àti fọ́ọ̀mù dúdú bíi kóró àgbálùmọ́ ló bá a wá. Ẹni tó tà á fún mi búra pé ó ń pa gbohùngbohùn. Kò pa nǹkan kan. Irú máìkì yìí, ibi gbogbo ló ti ń gbọ́ ohùn. Kò mọ ẹnu Pásítọ̀ yàtọ̀ sí ògiri. Ohun tó ràn wá lọ́wọ́ ni pé ó jẹ́ ká lè sún mọ́ ẹnu. Bí ẹ bá dín àyè tó wà láàárín ẹnu àti máìkì kù sí ìdajì, ohùn tó ń ti ẹnu bọ̀ á fi bíi 6 dB lágbára sí i; dB ni wọ́n fi ń wọn agbára ohùn. Èyí tí ògiri ń dá padà kò ní yí padà, torí ó ti kún gbogbo ilé. Tí ẹ bá gbé máìkì kúrò lórí pọ́pìtì tó jìn sí ẹnu tó 80 cm, tí ẹ wá há a mọ́ àyà ní bíi 20 cm, ẹ ti dín àyè kù sí ìdajì lẹ́ẹ̀mejì nìyẹn: 12 dB. Owó tí mo san, àyè yìí ni mo fi rà.

Ní Sunday àkọ́kọ́, mo há a mọ́ ọn, mo ki fóònù sápò Pásítọ̀, ọkàn mi balẹ̀. Ìgbà tí mo gbọ́ ọ nílé, kànga náà ni. Mo tún un gbọ́, mo rí i pé ìró aṣọ àpò ló pọ̀ jù níbẹ̀: fóònù fúnra rẹ̀ ló gba ohùn sílẹ̀, kò lo máìkì rárá. Pọ́ọ̀ṣì fóònù mi nípọn, kò jẹ́ kí ẹnu wáyà wọlé tán. Láti ọjọ́ náà, n kì í bẹ̀rẹ̀ láìfi èékánná ha orí máìkì, kí n wá ha ìdí fóònù, kí n sì gbọ́ ọ padà. Ibi tó bá ti dún jù ni fóònù ti ń gbọ́. Ẹ wo ẹnu wáyà pẹ̀lú: òrùka dúdú mẹ́ta ló yẹ kó wà lára èyí tí fóònù ń lò. Tó bá jẹ́ méjì, ti kámẹ́rà ni, fóònù lè má dá a mọ̀.

Sunday kejì, máìkì ṣiṣẹ́, àmọ́ nǹkan míì yọjú, òun ló sì pẹ́ kí n tó mọ ìdí rẹ̀. Nígbà tí Pásítọ̀ bá ń sọ̀rọ̀ lọ, ohùn wọn mọ́ tónítóní. Bí wọ́n bá dákẹ́ mí díẹ̀, gbohùngbohùn á wú jáde bí ìgbà tí omi ń hó, fáàǹù á bẹ̀rẹ̀ sí í hó pẹ̀lú, gbogbo rẹ̀ á sì wọlẹ̀ pẹ̀ẹ́ nígbà tí wọ́n bá tún la ẹnu. Fóònù ló ń ṣe é. Ó máa ń gbé ohùn sókè fúnra rẹ̀ bó bá rí i pé ilé dákẹ́, ohun tó sì ń gbé sókè nígbà yẹn ni ìró ògiri. Mo wá áàpù tó jẹ́ kí n fọwọ́ ara mi yan ìwọ̀n ohùn. Níbi tó ti bi mí ní irú máìkì tí mo fẹ́, `Unprocessed` ni mo yàn. Lórí fóònù Díákónì, ìyẹn kò sí; `Voice recognition` la lò, ó sì sàn gan-an. Fáìlì WAV ni mo ń gbà á sí, kí n tó sọ ọ́ di kékeré fún Wasáàpù.

Ìwọ̀n yẹn náà ní ọgbọ́n tirẹ̀. Ọ̀rọ̀ ìbẹ̀rẹ̀ ìwàásù kọ́ ni mo fi ń dán an wò. Mo ní kí Pásítọ̀ kígbe "Halleluyah!" bí wọ́n ṣe máa kígbe rẹ̀ ní ìparí gẹ́lẹ́, mo wá dín ohùn kù títí igbe náà kò fi kan òkè ìwọ̀n, ìyẹn 0 dB. Ọ̀rọ̀ lásán á wà ní nǹkan bíi -18 dB, ó dà bíi pé ó kéré, ṣùgbọ́n ohùn tó kéré ṣeé gbé sókè nílé. Èyí tó ti fọ́ kò ṣeé tún ṣe.

Lẹ́yìn gbogbo èyí, ó ṣì ku ohùn kejì kan tó ń tẹ̀ lé Pásítọ̀ bí òjìji. Sípíkà kékeré tó wà nílẹ̀ níwájú wọn, tí wọ́n fi ń gbọ́ ara wọn, ló ń wọ inú máìkì. Mo bẹ ọmọ tó ń tọ́jú ẹ̀rọ pé kó pa á tí ìwàásù bá ti bẹ̀rẹ̀. Ó lọ́ra, Pásítọ̀ náà ráhùn ní ọ̀sẹ̀ kan, wọ́n wá gbàgbé. Ọ̀sẹ̀ yẹn ni Ìyá kò pè mí mọ́ láti ráhùn.

Ti agbádá ni mo fẹ́ sọ dáadáa. Ẹ mọ bí Pásítọ̀ ṣe ń ká agbádá lé èjìká tí ọ̀rọ̀ bá ti ń dùn. Gbogbo ìgbà tí apá agbádá bá gbá máìkì tí mo há mọ́ búbá, "wìrìwìrì" bí ẹni ń fa ewé gbígbẹ. Ọrùn agbádá fúnra rẹ̀ ni mo há a mọ́ báyìí, láàárín gbùngbùn, lórí iṣẹ́ ọnà tó le, torí ibẹ̀ kì í mì tí wọ́n bá ń ká apá. Mo tún ṣẹ́ wáyà po ní ìdí kílíìpù, mo fi táàpù lẹ̀ ẹ́ mọ́ inú aṣọ, kí fífà má bàa dé orí máìkì. Bíbélì ni n kò rí nǹkan ṣe sí. Bí wọ́n bá gbé e mọ́ àyà, ohùn á dí.

Mo yá Àlùfáà àdúgbò wa kan máìkì yìí fún wáàsí. Kápẹ́ẹ̀tì nípọn ní mọ́ṣáláṣí wọn, àwọn èèyàn sì kún ilẹ̀. Ohùn tó mú wá mọ́ ju tiwa lọ láìṣe wàhálà kankan. Èyí náà ló fà á tí mi ò fi ń ka ìdánwò ọjọ́ Sátidé sí. Ara àti aṣọ èèyàn máa ń mu ohùn, ilé tó ṣófo sì máa ń burú ju ilé tó kún lọ.

Máàkì mẹ́ta nínú márùn-ún ni mo fún un. Kílíìpù rẹ̀ ti tú lẹ́ẹ̀mejì. Bí fóònù ṣe wà lápò Pásítọ̀, n kò lè gbọ́ ohun tó ń lọ títí ìsìn á fi parí, `Airplane mode` ni mo sì ń fi í sí kí ìpè má bàa dá a dúró. Láti oṣù tó kọjá, wáyà ìdí máìkì ti ń ta "pá-pá" tí mo bá tẹ̀ ẹ́. Mo ti padà sí Tákíè, mo ra irú rẹ̀ méjì: ọ̀kan fún lílò, ọ̀kan wà nínú dúrọ́ọ̀ nínú yàrá fẹ́sítírì.