Síìtì ẹ́ńjìnnì tuntun àti tòkunbọ̀ lára Kòròlà mi, lẹ́yìn oṣù méje

Tòyótà Kòròlà 2005 ni mò ń wà, ẹ́ńjìnnì 1.8 olópúlọ́ọ̀gì mẹ́rin, jíà ọ̀tọ́mátíìkì. Ó ti pé ọdún mẹ́fà lọ́wọ́ mi kí ó tó bẹ̀rẹ̀ sí gbọ̀n. Kì í ṣe ìgbà gbogbo o. Bí mo bá ń sáré lọ lójú títì, ó dákẹ́ bí ẹni sùn. Bí mo bá páàkì tí ẹ́ńjìnnì ń ṣiṣẹ́, kò sí nǹkan kan. Àmọ́ kí n ṣáà ti bọ́ sínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ Mọ́kọ́lá, kí jíà wà ní D, kí n tẹ bíréèkì mọ́lẹ̀, sítíárìn á máa wárìrì lábẹ́ ọwọ́ mi, ọkọ̀ tó wà lẹ́yìn mi á di méjì nínú díńgí, yẹtí etí mi pàápàá á máa jó. Bí mo bá ti jíà sí N báyìí, gbogbo ẹ̀ á parọ́rọ́.

Ibi tí mo kọ́kọ́ gbé e lọ, mi ò ní dárúkọ wọn. Ọmọkùnrin tó wà níbẹ̀ ò tiẹ̀ wọ inú ọkọ̀ náà jókòó. Ó ní ẹ́ńjìnnì ń mísì ni, iná ò tan dáadáa nínú ọ̀kan nínú púlọ́ọ̀gì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Ó pa púlọ́ọ̀gì mẹ́rin dà, ó pa kọ́ọ̀lì kan tó ń fún púlọ́ọ̀gì ní iná dà, ó fọ ibi tí afẹ́fẹ́ ń gbà wọ ẹ́ńjìnnì, mo san ₦52,000. Nígbà tí mo dé Sábó, yẹtí mi tún ń jó. Mo padà lọ bá a, ó ní ó ku kọ́ọ̀lì mẹ́ta. Mo kí i, mo bá tèmi lọ.

Bàbá kan nítòsí Bódìjà ló tú àdììtú náà. Kó tó ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, ó bi mí pé, "Màmá, ṣé ó ń gbọ̀n ni àbí ó ń tiro?"

Mo ní, "Bàbá, kí ni ìyàtọ̀ tó wà níbẹ̀?"

"Ìyàtọ̀ wà níbẹ̀ o. Ẹ wọlé, ẹ fi jíà sí D, ẹ di bíréèkì mú. Ẹ fọwọ́ lé sítíárìn, kí ẹ di ojú."

Mo ṣe bẹ́ẹ̀. Ohun tí ọwọ́ mi gbọ́ dà bí ẹ̀rọ ìlọta tí wọ́n gbé sórí tábìlì: ó yára, ó kúnná, kò já. Bàbá ní ó ń gbọ̀n nìyẹn, kò tiro. Ó ṣe ìṣirò rẹ̀ fún mi. Nígbà tí mo wà ní D tí mo dúró, ẹ́ńjìnnì mi ń yí bí ìgbà 650 ní ìṣẹ́jú kan. Olópúlọ́ọ̀gì mẹ́rin máa ń tanná lẹ́ẹ̀mejì nínú yíyí kọ̀ọ̀kan, ìyẹn lé ní ogún ìgbà nínú ìṣẹ́jú-àáyá kan. Ọwọ́ èèyàn ò lè ka ìyẹn, yóò kàn máa gbọ́ ọ bí ìwárìrì. Bí ó bá jẹ́ pé ọ̀kan nínú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ló kú, ẹ̀ẹ̀kan ni yóò máa fò nínú yíyí méjì, ìyẹn bí ìgbà márùn-ún nínú ìṣẹ́jú-àáyá kan. Ìyẹn ọwọ́ lè mọ̀ ọ́n. Yóò máa gbún ọ ní ìdí: gbì, gbì, gbì, bí ọkọ̀ tí táyà rẹ̀ kan wú. Abẹ́rẹ́ tó ń ka yíyí ẹ́ńjìnnì pẹ̀lú á máa wálẹ̀, á máa gòkè. Tèmi dúró gangan bí ẹni tí wọ́n kàn mọ́lẹ̀.

Mo wá béèrè ìdí tó fi jẹ́ pé inú jíà nìkan ni. Ọ̀rọ̀ yìí ló yé mi jù nínú gbogbo ohun tí mo gbọ́ lọ́jọ́ náà. Bí jíà bá wà ní P tàbí N, ẹ́ńjìnnì ń yí fún ara rẹ̀ ni, kò ti ohunkóhun. Tí o bá ti fi sí D tí o sì di bíréèkì mú, ẹ́ńjìnnì ń ti táyà, táyà ò sì lọ. Ronú sí ẹni tó ń ti ọmọlanke tí táyà rẹ̀ há sínú kòtò: bí ó ṣe ń tì í síwájú ni ẹsẹ̀ tirẹ̀ ń ti ilẹ̀ sẹ́yìn. Ẹ́ńjìnnì náà á yí ara rẹ̀ lọ́nà òdìkejì, ó sì jẹ́ pé orí síìtì ló gbé gbogbo rẹ̀ lé. Síìtì yìí, irin méjì ni, rọ́bà ló wà láàárín wọn. Bí rọ́bà bá ṣì lágbára, á gbé ìyípo náà mì. Bí ó bá ti tẹ̀ wọlẹ̀, irin á kan irin, ìwárìrì tó yẹ kó kú sínú rọ́bà á gba inú bọ́dì ọkọ̀ lọ sí sítíárìn àti àga.

Ó ní kí n fi jíà sí R. Ìwárìrì náà dín kù gan-an. Ó rẹ́rìn-ín. Ẹ́ńjìnnì a máa yí ara rẹ̀ síhìn-ín ní D, a máa yí ara rẹ̀ sọ́hùn-ún ní R. Bí ọ̀nà kan bá burú ju èkejì lọ, síìtì ni kí o kọ́kọ́ fura sí, torí púlọ́ọ̀gì tó kú ò mọ iwájú yàtọ̀ sí ẹ̀yìn.

Ó wá ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì. Ẹgbẹ́ ọkọ̀ ló dúró sí, kò dúró níwájú, ó sì lé ọmọṣẹ́ rẹ̀ kúrò níwájú náà. Mo fa háńdìbíréèkì, mo tẹ bíréèkì ẹsẹ̀ mọ́lẹ̀ pátápátá, mo fi sí D, mo fi ẹsẹ̀ kan tọ́tù díẹ̀, bí ìṣẹ́jú-àáyá méjì péré, nítorí ẹni tó bá pẹ́ níbẹ̀ á sè epo jíà. Ó ní kí n bọ́ sílẹ̀ kí n wá wo bí òun náà ṣe ń ṣe é. Ẹ́ńjìnnì náà gbé ara rẹ̀ sókè bí ẹni fẹ́ dìde lórí àga. Ó ju ìbú ìka méjì lọ. Tó bá jẹ́ èyí tí síìtì rẹ̀ dára ni, ìmì díẹ̀ ni ojú á rí.

Síìtì mẹ́rin ló wà lára Kòròlà yìí: iwájú, ẹ̀yìn, òsì lábẹ́ jíà, àti ọ̀tún lápá ibi tí béélítì wà. Ti ọ̀tún yìí yàtọ̀, omi wà nínú rọ́bà rẹ̀ kó lè pa ìwárìrì. Nígbà tí Bàbá tan iná sí i, ojú ọ̀nà dúdú kan ti ṣàn láti ara rẹ̀ wá sílẹ̀, eruku lẹ̀ mọ́ ọn. Omi inú rẹ̀ ti jáde tán. Rọ́bà ti iwájú náà ti ya.

Kí ẹnikẹ́ni má wá kà á kó sọ pé inú jíà nìkan túmọ̀ sí síìtì o. Kámúrì 2004 àbúrò mi, èyí tí gbogbo èèyàn ń pè ní Bígí Dádì, ṣe ohun kan náà gẹ́lẹ́: N dákẹ́, D mì. Wọ́n ti ta síìtì kan fún un ná. Mo jókòó síbẹ̀, mo fọwọ́ lé sítíárìn: gbì, gbì, gbì. Ó ń tiro. D àti R kò sì yàtọ̀ síra. Nígbà tó ń gun òkè Mọ́kọ́lá, iná ṣẹ́ẹ̀kì ẹ́ńjìnnì bẹ̀rẹ̀ sí ṣẹ́jú. Sikáánà kọ `P0303`, ìyẹn púlọ́ọ̀gì kẹta. Kàkà kó ra kọ́ọ̀lì, a gbé kọ́ọ̀lì kẹta sí ipò kejì, a gbé ti kejì sí ipò kẹta, a pa ohun tó kọ rẹ́, ó tún gun òkè náà. Ó kọ `P0302`. Àìsàn náà bá kọ́ọ̀lì rìn, nítorí náà kọ́ọ̀lì ló jẹ̀bi. Ìdí tí kò fi hàn ní N ni pé bí ẹ́ńjìnnì bá gbẹ́rù, afẹ́fẹ́ tó ń wọ inú rẹ̀ á pọ̀ sí i, á sì há mọ́ra, iná púlọ́ọ̀gì á nira láti fò gba inú rẹ̀ kọjá. Kọ́ọ̀lì tó ti rẹ̀ á ṣe é ní N, kò ní lè ṣe é ní D. Síìtì tí wọ́n tà fún un ṣì wà nínú páálí rẹ̀ di òní.

Ẹ jẹ́ n padà sí tèmi. Ọjà Àráròmí ní Agodi Geéètì ni mo ti ra síìtì. Nítorí owó, mẹ́rẹ̀ẹ̀rin tí mo kọ́kọ́ rà jẹ́ tuntun oníkọ́pì, ₦48,000 lápapọ̀. Mo wa ọkọ̀ náà padà sílé, ìwárìrì náà dín, àmọ́ ó yí padà di òmíràn: ó wá ń gbọ̀n díẹ̀díẹ̀ ní N pẹ̀lú, ohun tí kò ṣe rí. Inú bí mi. Mo ní wọ́n ti tún gbá mi.

Ọmọṣẹ́ Bàbá ló dè é, kì í ṣe Bàbá fúnra rẹ̀. Ó ti dì bóòtù kọ̀ọ̀kan pinpin bó ṣe ń gbé síìtì wọlé, nígbà tí ẹ́ńjìnnì ṣì wà lórí jáàkì. Rọ́bà ti lọ́ kí ọkọ̀ tó dé ilẹ̀. Bàbá tú bóòtù àárín wọn díẹ̀, ó tanná sí ẹ́ńjìnnì, ó lọ sí D, sí R, sí N, kó lè jókòó bó ṣe fẹ́, ó paná, ó wá dì wọ́n. Ìdajì ìwárìrì náà lọ. Bí ẹ bá gbé ọkọ̀ fún wọn, ẹ béèrè bóyá wọ́n máa ṣe èyí.

Ìdajì tó kù jẹ́ ti síìtì ọ̀tún oníkọ́pì. Mo fi èékánná tẹ̀ ẹ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ti àtijọ́: ó le bí bàtà ológun. Rọ́bà lásán ni, kò sí omi nínú rẹ̀. Mo padà sọ́jà, mo ra tòkunbọ̀ olómi ní ₦35,000. Ọkùnrin tó tà á fún mi jẹ́ kí n gbọ̀n ọ́n, kí n fi ìka wá ojú ibi tó lè ti jò, ó sì yọ aṣọ funfun kí n fi nù ún. Aṣọ náà ò dúdú. Bí wọ́n ṣe fi ìyẹn sí i, sítíárìn mi dákẹ́.

Oṣù méje nìyí. Mẹ́ta oníkọ́pì yòókù ṣì wà níbẹ̀. Fún ti ẹ̀yìn àti ti òsì, mi ò ní ẹjọ́ kankan. Ti iwájú ti ń fi ẹnu là lápá ìsàlẹ̀, bó sì ṣe ń lọ yìí, mi ò rò pé ó máa lò tó ọdún kan àbọ̀. Bí mo bá tan ẹ́síì ní D, mo ṣì ń gbọ́ ìwárìrì kékeré kan, Bàbá sì ní kò burú, ẹrù ẹ́síì ló wà lórí ẹ́ńjìnnì. Tó bá jẹ́ pé mo mọ̀ ni, tòkunbọ̀ olómi ni mo máa kọ́kọ́ rà fún apá ọ̀tún, kí n tó ronú kan mẹ́ta tó kù. Púlọ́ọ̀gì ₦52,000 náà ṣì ń ṣiṣẹ́ dáadáa, gẹ́gẹ́ bí èyí tí wọ́n yọ jù nù náà ṣe ń ṣiṣẹ́.