Ìkìlọ̀ fún ẹni tó bá fẹ́ ra ìwé adójútòfò ìrìnàjò lọ́wọ́ ejẹ́ǹtì fíísà

Ẹ̀yin ará mi, ó ti lé ní oṣù mẹ́ta tí mo ti fẹ́ kọ ọ̀rọ̀ yìí, ìtìjú ni kò jẹ́ kí n kọ ọ́. Èmi tí mo máa ń ka ìwé kínníkínní kí n tó fọwọ́ sí i ni ejẹ́ǹtì kan ní Ìkẹjà gba 38,000 náírà lọ́wọ́ mi, tó ta ìwé insọ́ránsì ìrìnàjò fún màmá mi, tí ìwé náà kò sì san kọ́bọ̀ lọ́jọ́ tí ọ̀rọ̀ dójú ẹ̀.

Màmá mi ń lọ sí Hámbọ́ọ̀gì ní ilẹ̀ Jámánì láti lọ bá àbúrò mi obìnrin wẹ ọmọ tuntun. Ẹni tó bá ti wá fíísà Ṣẹ́ńgẹ̀n rí mọ̀ pé wọ́n máa ń béèrè ìwé adójútòfò tó lè gbé owó ìtọ́jú tó tó 30,000 yúrò, ó kéré tán, tó sì kárí gbogbo ọjọ́ tí èèyàn fẹ́ lò níbẹ̀. Mo wí fún ọmọkùnrin yìí látẹnu ara mi pé, "Màmá mi ní ẹ̀jẹ̀ ríru o, ṣé ìwé yìí yóò gbé wọn bí ara wọn kò bá yá?" Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ fọkàn balẹ̀. Ọsibítù wà níbẹ̀, bí ìrìnàjò bá yẹ̀ ó wà níbẹ̀, bí ẹrù bá sọnù ó wà níbẹ̀, gbogbo rẹ̀ pátá." Mo tún béèrè lẹ́ẹ̀kejì. Ó tún ní gbogbo rẹ̀ pátá. Òun fúnra rẹ̀ ló jókòó sídìí kọ̀ǹpútà rẹ̀ tó kọ ọ̀rọ̀ sínú fọ́ọ̀mù, èmi sì dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ bí ẹni tí kò mọ ìwé kà.

Ọjọ́ kọkànlá tí màmá dé Hámbọ́ọ̀gì, ní nǹkan bí aago méjì òru, wọ́n jí, wọ́n ní orí ń fọ́ àwọn, àyà ń fún àwọn, ọwọ́ òsì àwọn sì ti kú tipiri. Àbúrò mi, tí ọmọ rẹ̀ kò tíì pé ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, pe 112, ọkọ̀ pàjáwìrì sì gbé wọn. Nígbà tí wọ́n wọn ìfúnpá wọn, ó jẹ́ 214 lórí 118. Òru mẹ́rin ni wọ́n lò lórí bẹ́ẹ̀dì ọsibítù kí ó tó walẹ̀. A dúpẹ́ pé ẹ̀mí kò bọ́. Ìwé owó tí wọ́n fi ránṣẹ́ sí ilé àbúrò mi jẹ́ 6,840 yúrò.

A fi gbogbo ìwé ránṣẹ́ sí ilé iṣẹ́ insọ́ránsì náà. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ márùn-ún ni wọ́n fèsì pé àwọn kò ní san án. Wọ́n tọ́ka sí ojú ìwé kẹrìnlá, níbi tí wọ́n ti kọ ọ́ pé àwọn kì í san owó ìtọ́jú àìsàn tó ti wà lára ẹni kí ìwé náà tó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣiṣẹ́, tàbí ohunkóhun tó bá tinú àìsàn bẹ́ẹ̀ jáde. Dókítà ọsibítù ti kọ ọ́ sínú ìwé ìtúsílẹ̀ pé láti ọdún 2016 ni màmá ti ń lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru. Wọ́n tún fi fọ́ọ̀mù tí ejẹ́ǹtì kọ hàn wá. Níbi tí wọ́n ti béèrè bóyá arìnrìnàjò ní àìsàn kankan tàbí ó ń lo oògùn, "Rárá" ló wà níbẹ̀. Rárá! Ẹni tí mo sọ fún lẹ́ẹ̀mejì! Ó mọ̀ dáadáa pé bí òun bá kọ "Bẹ́ẹ̀ ni", owó ìwé náà lè gòkè, tàbí kí wọ́n má tà á rárá, kí èrè òun sì bọ́.

Ẹ lè bi mí pé kí ló dé tí n kò ka ojú ìwé kẹrìnlá. Ẹ̀bi mi ni, mo gbà. Ṣùgbọ́n aago mẹ́sàn-án alẹ́ ló tó fi ìwé náà ránṣẹ́ sórí fóònù mi, aago méje àárọ̀ ọjọ́ kejì ni a sì gbọ́dọ̀ wà níbi tí wọ́n ti ń gba ìwé fíísà. Ta ni yóò ka ojú ìwé méjìlélógún lóru ọjọ́ bẹ́ẹ̀? Mo wo ibi tí wọ́n kọ 30,000 yúrò sí, ọkàn mi sì balẹ̀.

Ibẹ̀ gan-an ni ẹ̀tàn náà wà. Iye yẹn ni òkè tí owó lè dé, kì í ṣe ìlérí pé wọ́n á san án. Ohun tí àwọn tó ń fúnni ní fíísà ń wò ni iye owó, ọjọ́, àwọn orílẹ̀-èdè tó kárí, àti bóyá ó lè gbé èèyàn padà sílé láàyè tàbí lókùú. Wọn kò bá ọ wádìí ohun tí ìwé náà yọ sílẹ̀. Irú ìwé olówó pọ́ọ́kú bẹ́ẹ̀ wà fún ohun òjijì: kí èèyàn ṣubú kí ẹsẹ̀ kán, kí ìfun kan ṣàdédé wú. Àyẹ̀wò lásán, oògùn tí o ti ń lò tẹ́lẹ̀, oyún tó ti súnmọ́ ìbí, àti jàǹbá tó bá ọ lẹ́yìn tí o mutí yó, ọ̀pọ̀ wọn ló yọ gbogbo ìwọ̀nyí sílẹ̀. Ẹni tó bá ní ẹ̀jẹ̀ ríru, àtọ̀gbẹ tàbí ikọ́ fée gbọ́dọ̀ kọ ọ́ sínú fọ́ọ̀mù, kí ó sì wá ìwé tí wọ́n kọ ọ́ sínú rẹ̀ kedere pé àwọn yóò gbé e bí àìsàn náà bá ru sókè lójijì, àti iye tí wọ́n yóò san dé. Àwọn ilé iṣẹ́ kan ń tà á, owó rẹ̀ sì ga jù. Ká ní ọmọkùnrin yẹn sọ bẹ́ẹ̀ fún mi ni, mo máa san án! Ṣé màmá mi ni mo fẹ́ fi ṣọ́ owó ni?

Ìdí kejì tí wọ́n tún fi kọ̀ ni pé a kò pe nọ́ńbà ìrànlọ́wọ́ wọn láàárín wákàtí mẹ́rìnlélógún tí wọ́n gba màmá sí ọsibítù. Ọjọ́ kẹta ni àbúrò mi pè. Ẹ sọ fún mi, ta ni yóò máa wá nọ́ńbà insọ́ránsì nígbà tí ìyá rẹ̀ kò lè gbé ọwọ́? Síbẹ̀, ẹ kọ nọ́ńbà yẹn sínú ìwé, kí ẹ fún ẹni tí ẹ fẹ́ lọ bá.

Ti ìrìnàjò tó yẹ̀ àti ẹrù ńkọ́? Irọ́ ni èyí náà. Oṣù kẹta ni màmá ì bá ti lọ, fíísà pẹ́, owó tíkẹ́ẹ̀tì àkọ́kọ́ sì gbé. Kò sí ọ̀rọ̀ ìrìnàjò tó yẹ̀ nínú ìwé wa rárá, nítorí kò sí lára ohun tí fíísà béèrè. Níbi tó bá sì wà, ìdí tí wọ́n to sílẹ̀ nìkan ni wọ́n ń san fún, bíi ikú tàbí àìsàn líle tó kọlu ìwọ tàbí ẹbí rẹ tímọ́tímọ́. Fíísà tí kò jáde tàbí ọkàn tó yí padà kì í sábà sí níbẹ̀.

Ní ti ẹrù, bí báàgì kò bá jáde, ẹ má kúrò ní pápákọ̀ òfurufú láìgba ìwé ẹ̀rí lọ́wọ́ ilé iṣẹ́ ọkọ̀ òfurufú, nítorí láìsí i, ọ̀rọ̀ ti parí. Ilé iṣẹ́ ọkọ̀ náà ni ẹ ó kọ́kọ́ bá, bí ọjọ́ mọ́kànlélógún bá sì kọjá tí ẹrù kò dé, a ti kà á sí èyí tó sọnù. Owó, góòlù àti fóònù tó wà nínú rẹ̀, ọ̀pọ̀ insọ́ránsì kì í san án, èyí tí wọ́n sì ń san ní iye tí wọ́n fi dé e lórí.

N kò fọkàn tán ẹnikẹ́ni nínú àwọn tó ń ta nǹkan wọ̀nyí mọ́, bóyá mo ṣe àṣejù, ṣùgbọ́n ibi tí mo dé nìyẹn. Àbúrò mi ń san 300 yúrò fún ọsibítù lóṣooṣù, èmi náà sì ń fi tèmi ránṣẹ́ sí i láti ilé. Mo ti kọ ẹ̀sùn sí NAICOM, àjọ tó ń mójútó iṣẹ́ adójútòfò ní Nàìjíríà, mo sì fi àtẹ̀jíṣẹ́ tí mo ti dárúkọ ẹ̀jẹ̀ ríru fún ejẹ́ǹtì náà sí i. Nígbà tí mo pe òun fúnra rẹ̀, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, fíísà ni ẹ wá gbà, fíísà sì jáde." Lánàá, mo rí i tó tún gbé ìpolówó sórí Wáásáàpù rẹ̀: insọ́ránsì Ṣẹ́ńgẹ̀n, gbogbo rẹ̀ pátá, 38,000 náírà.