Àgbéyẹ̀wò ìkànnì tí wọ́n fi ń gba ọjọ́ lọ́dọ̀ dókítà ní Jámánì

Ọkàn ọkọ mi ló gbé mi dé orí ìkànnì yìí. Ó máa ń lù kìkìkì lóru, á sì tún rọlẹ̀ fúnra rẹ̀. Dókítà ìdílé wa ní Bẹ̀líìnì gba ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, ó fi ẹ̀rọ wo bí ọkàn ṣe ń lù, ó ní kò jọ ohun tó ń fẹ́ ìkánjú, ó wá fún wa ní ìwé tó fi darí wa sọ́dọ̀ dókítà ọkàn. Wíwá dókítà ọkàn náà kò sí lọ́wọ́ tirẹ̀. Níbí, aláìsàn ló ń wá a, orí ìkànnì sì ni ọ̀pọ̀ nínú wọn ti ń gbàlejò báyìí. Ẹ pè wọ́n lórí fóònù, ohùn tí wọ́n ti gbà sílẹ̀ ni yóò ní kí ẹ lọ sórí ayélujára.

Irú àwọn ìkànnì báyìí kò yàtọ̀ púpọ̀ síra wọn, nítorí náà ohun tó wà nínú rẹ̀ ni mo fẹ́ sọ, orúkọ rẹ̀ kò ṣe pàtàkì. Ìràwọ̀ mẹ́ta nínú márùn-ún ni mo fún un. Bọ́tìnì èdè Gẹ̀ẹ́sì wà lókè, àmọ́ kò jìnnà tí agbára rẹ̀ fi tán: gbogbo ibi tí ilé ìwòsàn ti kọ ọ̀rọ̀ tirẹ̀ sí, Jámánì ni wọ́n fi kọ ọ́. Ẹ lè ní kí fóònù yín túmọ̀ rẹ̀ fún yín. Tiwa túmọ̀ `Überweisung`, ìyẹn ìwé tí dókítà fi ń darí èèyàn, sí fífi owó ránṣẹ́ ní báǹkì. Ọkọ mi ti ń béèrè pé èló ni wọ́n fẹ́ gbà kí n tó sọ fún un pé kò sí owó níbẹ̀.

Ẹ̀ka ni wọ́n máa kọ́kọ́ béèrè, `Fachrichtung` ni wọ́n kọ síbẹ̀. Má ṣe tẹ orúkọ àìsàn tàbí ẹ̀yà ara sínú àpótí náà. Mo tẹ `Herz`, ìyẹn ọkàn, láti wo ohun tí yóò gbé jáde, àwọn `Heilpraktiker` sì wà lára wọn. Àwọn yẹn kì í ṣe dókítà. Ìwòsàn ọ̀nà mìíràn ni wọ́n ń ṣe, inṣọ́ránsì ìjọba kì í sì í san owó wọn. `Herzchirurgie` náà yọjú, bẹ́ẹ̀ àwọn tó ń ṣiṣẹ́ abẹ ọkàn nìyẹn. Ẹ̀ka tó yẹ kí ẹ lọ ti wà lórí ìwé tí dókítà fún yín. `Kardiologie` ló wà lórí tiwa. Ẹ dà á kọ bó ṣe rí, lẹ́tà fún lẹ́tà.

Ibi tí ọ̀rọ̀ wà gan-an ni ìbéèrè méjì tó tẹ̀ lé e, torí àwọn ló ń pinnu ọjọ́ tí ẹ máa rí. Wọ́n á béèrè irú inṣọ́ránsì tí ẹ ní. `Gesetzlich versichert` ni ti ìjọba, tí AOK, TK, Barmer àti àwọn ẹgbẹ́ wọn jẹ́ tirẹ̀. `Privat versichert` ni ti aládàáni. `Selbstzahler` ni ẹni tó máa fi owó ara rẹ̀ san án. Mo mú ti ìjọba, kàlẹ́ńdà fi oṣù mẹ́ta síwájú hàn mí. Mo kàn yí i sí `Privat` láti wò ó, ọjọ́ kejì gan-an ṣí sílẹ̀ láàárọ̀ àti lọ́sàn-án, ní ilé ìwòsàn kan náà, lọ́dọ̀ dókítà kan náà. Owó tí wọ́n ń gbà lọ́wọ́ aládàáni pọ̀ ju ti ìjọba lọ, ohun tó fà á nìyẹn. Ó dùn mí, n kò ní purọ́. Àwọn kan láàárín wa máa ń sọ pé kí èèyàn mú `Privat` kó sì gbé káàdì ìjọba lọ bó bá di ọjọ́ náà. Ẹ má dán an wò. Bí ẹ bá dé kántà, wọ́n lè dá yín padà sílé, wọ́n sì lè gbé ìwé síwájú yín kí ẹ fọwọ́ sí i pé ẹ̀yin lẹ máa sanwó. Bí ẹ bá ti fọwọ́ sí i, ìwé owó á bá yín nílé, inṣọ́ránsì yín kò sì ní dá a padà.

Ìbéèrè kejì ni `Besuchsgrund`, ìdí tí ẹ fi ń bọ̀. Ọ̀pọ̀ èèyàn rò pé kí dókítà lè mọ ohun tó ń ṣe wọ́n ni wọ́n ṣe ń béèrè rẹ̀, wọ́n á sì tẹ èyíkéyìí tó bá sún mọ́ ọn. Bẹ́ẹ̀ ìdí kọ̀ọ̀kan ló ní kàlẹ́ńdà tirẹ̀ àti ìṣẹ́jú tirẹ̀. Ní ilé ìwòsàn tí a lò, `Erstuntersuchung` wà fún ẹni tó ń wá fún ìgbà àkọ́kọ́. `Kontrolluntersuchung` wà fún ẹni tí wọ́n ti ń tọ́jú tẹ́lẹ̀. `Langzeit-EKG` ni ti ẹ̀rọ tí wọ́n máa ń so mọ́ àyà èèyàn lọ sílé láti ka bí ọkàn ṣe ń lù mọ́jú. `Vorsorge` sì ni àyẹ̀wò ẹni tí nǹkan kan ò ṣe. `Kontrolluntersuchung` ní àyè lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, ojú sì wọ̀ ọ́. Ṣùgbọ́n àkókò rẹ̀ kúrú, ẹni tuntun tó bá gbà á lè dé ibẹ̀ kí wọ́n ní kó lọ gba ọjọ́ mìíràn. `Langzeit-EKG` náà ní àyè, àmọ́ nọ́ọ̀sì ló máa ń so ẹ̀rọ yẹn, ẹ lè má fojú kan dókítà rárá lọ́jọ́ náà. `Erstuntersuchung` ni a mú, bó tilẹ̀ jẹ́ pé òun ló pẹ́ jù.

Ohun tó ń bí mi nínú nípa ìkànnì yìí ni pé kò ṣàlàyé ìkankan nínú èyí. Ẹ tẹ ìdí kan, ó ní `Derzeit keine Termine online verfügbar`, pé kò sí àyè lórí ayélujára. Ẹni tí kò mọ̀ á rò pé ilé ìwòsàn náà ti kún. Ó lè jẹ́ pé ìdí yẹn nìkan ni wọn kò ṣí sílẹ̀ lórí ìkànnì, tí wọ́n ń gbà á lórí fóònù tàbí lójúkojú. Bí ẹ bá ń gbé nítòsí, ẹ yà níbẹ̀ pẹ̀lú ìwé yín lọ́wọ́.

Ìkànnì náà ní ohun kan tó tó ìràwọ̀ kan fúnra rẹ̀. Lẹ́yìn tí ẹ bá ti gba ọjọ́, àpótí kékeré kan wà tí ẹ lè fi àmì sí pé kí wọ́n ta yín lólobó bí ọjọ́ tó yá jù bẹ́ẹ̀ bá ṣí. Mo fi àmì sí i. Lọ́jọ́ kan, àárín iṣẹ́ ni mo wà tí fóònù dún. Mo ṣí i, àyè ti lọ. Gbogbo ẹni tó fi àmì sí i ni wọ́n jọ ń kéde rẹ̀ fún, ẹni tó bá kọ́kọ́ tẹ̀ ẹ́ ló ni ín. Èyí tó tún wọlé lẹ́yìn ìyẹn, ọkọ mi, Bàbá Tómi, fúnra rẹ̀ ló tẹ̀ ẹ́ kó tó pè mí. Oṣù mẹ́ta di ọ̀sẹ̀ mẹ́ta.

Ọ̀nà mìíràn wà fún ẹni tí dókítà rẹ̀ rí i pé ọ̀rọ̀ náà ń fẹ́ ìkánjú. Dókítà ìdílé lè tẹ nọ́ńbà kan sórí ìwé náà, lẹ́tà àti nọ́ńbà 12 tí wọ́n pín sí mẹ́rin-mẹ́rin. Ẹ gbé e lọ sórí ìkànnì 116117 tàbí kí ẹ pe nọ́ńbà 116117 yẹn gan-an, wọ́n á bá yín wá ọjọ́ láàárín ọ̀sẹ̀ márùn-ún. Ẹ ò lè yan dókítà tó wù yín, ibi tí wọ́n bá rí sì lè jìnnà. Wọn kò tẹ nọ́ńbà yìí sórí tiwa. Bí àyà bá ń dunni tàbí tí èèyàn bá dákú, ọ̀rọ̀ ìkànnì kọ́ nìyẹn o, 112 ni.

Àsìkò kò le. Aago wọn ń ka 24, 14:30 sì ni aago méjì ààbọ̀ ọ̀sán. Ọjọ́ ló máa ń ṣíwájú oṣù, bíi tiwa. Ẹ ṣáà wò ó bóyá `Termin bestätigt`, pé wọ́n ti fìdí ọjọ́ náà múlẹ̀, ni wọ́n kọ sí i. Bó bá jẹ́ `Terminanfrage`, ẹ ṣì ń bẹ̀bẹ̀ ni, wọn kò tíì gbà fún yín.

Fọ́ọ̀mù tó kàn béèrè orúkọ. Mo kọ ti ọkọ mi pẹ̀lú àmì ohùn àti àmì ìsàlẹ̀ rẹ̀ bí ìyá rẹ̀ ṣe sọ ọ́, ìkànnì kọ̀ ọ́: `Ungültige Zeichen`, pé òun kò gba irú àmì bẹ́ẹ̀. Bó ṣe wà lórí káàdì inṣọ́ránsì ni wọ́n ń fẹ́, láìsí àmì. Nọ́ńbà inṣọ́ránsì náà wà lórí káàdì yẹn, lẹ́tà kan tí nọ́ńbà mẹ́sàn-án tẹ̀ lé.

Ìwé mẹ́ta la gbé sórí ìkànnì: ìwé dókítà ìdílé, èsì ẹ̀jẹ̀, àti `Medikationsplan`, ìwé tó ní orúkọ oògùn àti ìgbà tó ń lò ó. Ẹni tó bá ń lo oògùn mẹ́ta tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ lẹ́ẹ̀kan náà ní ẹ̀tọ́ láti gbà á lọ́wọ́ dókítà rẹ̀, ó sì sàn ju kí èèyàn fi ọwọ́ kọ amlodipíìnì sílẹ̀ kí ó ṣì í kọ. PDF, JPG àti PNG ni ìkànnì ń gbà, kò gbọdọ̀ ju 5 MB lọ. Fọ́tò tí aiféònù yà jẹ́ HEIC, ìkànnì sì dá a padà láìsọ ìdí. Ẹ lo ibi tí fóònù ti ń ṣe ìwé ní síkáànù, PDF ni yóò fún yín.

Lẹ́yìn náà, àmì àwọ̀ ewé yọ: `Hochgeladen`, pé ìwé ti dé orí ìkànnì. Ọkàn wa balẹ̀. Nígbà tí mo pe ilé ìwòsàn nítorí nǹkan mìíràn, obìnrin kántà ní òun kò rí ìwé kankan. Inú àpò tiwa lórí ìkànnì ni gbogbo rẹ̀ wà. Bọ́tìnì kejì wà, `Mit Praxis teilen`, nísàlẹ̀ pátápátá, tó jẹ́ pé tí ẹ kò bá fa ojú ìwé náà sókè ẹ ò ní rí i. Òun ló ń gbé e fún dókítà. Àmì àwọ̀ ewé kí èèyàn tó parí iṣẹ́, ìyẹn ló gba ìràwọ̀ lọ́wọ́ wọn. Obìnrin náà tún fi kún un pé: "Ẹ mú ìwé gan-an lọ́wọ́ wá, àti káàdì. Èyí tó wà lórí ìkànnì, dókítà kàn ń kà á ni." Ìwé yẹn gan-an ni wọ́n gbà lọ́wọ́ wa lọ́jọ́ náà.

Bí ẹ ò bá ní lè lọ, bọ́tìnì `Termin absagen` ń ṣiṣẹ́ títí di wákàtí 24 ṣáájú. Lẹ́yìn ìyẹn ó máa parẹ́, fóònù ló kù. Àwọn ilé ìwòsàn kan máa ń bu owó lé ẹni tí kò wá tí kò sì sọ; wọ́n kọ ọ́ sí ìsàlẹ̀ ojú ìwé tí ẹ fi gba ọjọ́, ní lẹ́tà wínníwínní.