Áńtẹ́nà Ráútà: Ṣé Kí Ẹ Yí Èyí Tó Wà Nílẹ̀ Ni, àbí Kí Ẹ Ra 9 dBi?

Bí Wáì-Fáì kò bá dé yàrá kan dáadáa, ohun méjì ló máa ń wá sọ́kàn ẹni tí áńtẹ́nà ráútà rẹ̀ yọ síta: kó tẹ̀ wọ́n sí ìhà mìíràn, tàbí kó ra àwọn gígùn tí wọ́n kọ 9 dBi sí lára. Ọ̀fẹ́ ni ti àkọ́kọ́, owó ni ti ìkejì. Àmọ́ ibi tí yàrá yẹn wà sí ráútà ló máa pinnu èyí tó máa ṣiṣẹ́, nígbà mìíràn sì rèé, èyí tí ẹ fowó rà ló máa dá kún ìṣòro náà.

Ẹ wo bí áńtẹ́nà ọ̀pá ṣe ń ṣiṣẹ́. Bó bá dúró ṣánṣán, ìgbì rẹ̀ máa ń yí i ká bí òṣùká tí wọ́n ki ọ̀pá bọ̀ láàárín: ó nípọn lẹ́gbẹ̀ẹ́, ó sì ṣófo lókè àti nísàlẹ̀. Ẹni tó bá wá na ṣóńṣó áńtẹ́nà sí yàrá tó fẹ́ kí nẹ́tíwọ́ọ̀kì dé, ihò òṣùká ló kọ sí yàrá náà. Ẹ̀gbẹ́ ọ̀pá ló yẹ kó kọjú síbẹ̀.

Nọ́ńbà dBi ń sọ bí wọ́n ṣe tẹ òṣùká náà pẹlẹbẹ tó. Áńtẹ́nà kì í dá agbára kankan sílẹ̀ fúnra rẹ̀. Ohun tí ì bá lọ sókè àti sísàlẹ̀ ló ń mú, tó ń fi kún ẹ̀gbẹ́. Bí nọ́ńbà bá ṣe ń pọ̀ sí i ni òṣùká ń fẹ̀ sí i, tó sì ń fẹ́lẹ́ sí i.

| | 5 dBi tó bá ráútà wá | 9 dBi |
|---|---|---|
| Gígùn, fún 2.4 GHz | nǹkan bíi 20 sẹ̀ǹtímítà | ó sún mọ́ 40 sẹ̀ǹtímítà |
| Bí ìgbì ṣe ga tó, láti òkè dé ìsàlẹ̀ | nǹkan bíi 40 dígírì | nǹkan bíi 15 dígírì |
| Ilé tó bá a mu | pẹ̀tẹ́ẹ̀sì tàbí ilé ilẹ̀ | ilé ilẹ̀ tó gùn, tí ògiri rẹ̀ kò pọ̀ |

Kí ẹ tó náwó

Ká ní ráútà wà lórí tábìlì nísàlẹ̀, tí yàrá tí kò gbà dáadáa sì wà lókè rẹ̀ gan-an. Áńtẹ́nà méjì ló ní, méjèèjì dúró ṣánṣán. Ẹ gbé kọ̀ǹpútà alágbèéká lọ sókè, ẹ gbé e síbi tí ẹ ti máa ń lò ó, kí ẹ sì ka iye tó ń gbà. Lórí Linux, àṣẹ rẹ̀ nìyí (bí orúkọ ẹ̀rọ Wáì-Fáì yín bá yàtọ̀ sí wlan0, ẹ fi tiyín rọ́pò rẹ̀):

```
iw dev wlan0 link
```

Lórí Windows, `netsh wlan show interfaces` ni, àmọ́ ìdá nínú ọgọ́rùn-ún ló sábà máa ń fún yín. Nọ́ńbà dBm ti Linux wúlò jù. Òdì ni gbogbo wọn, èyí tó bá sì sún mọ́ òdo jù ló dára jù: ní −67, fídíò á máa lọ láìdúró, ní −80, ojú ìwé lásán á máa fà.

Ká sọ pé −76 dBm lẹ kà. Ẹ sọ̀ kalẹ̀, kí ẹ fi áńtẹ́nà kan sílẹ̀ bó ṣe wà, kí ẹ wá tẹ́ ìkejì gbalaja. Òṣùká ti èyí tí ẹ tẹ́ ti wá dìde dúró báyìí, ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ sì ti kọ sí yàrá òkè. Bí ẹ bá padà lọ kà á, tó ti di −69, ẹ ti jèrè 7 dB láìná kọ́bọ̀. Àǹfààní kejì tún wà níbẹ̀: bí ọ̀pá bá ṣe dúró ni ìgbì rẹ̀ ṣe ń mì, áńtẹ́nà inú fóònù tàbí kọ̀ǹpútà sì lè wà ní ìdúró tàbí ní ìdùbúlẹ̀. Bí ọ̀kan bá dúró, tí ọ̀kan sì dùbúlẹ̀, ó kéré tán ọ̀kan á bá a mu.

Ẹ má kánjú gba nọ́ńbà àkọ́kọ́ gbọ́. Láìsí ẹni tó fọwọ́ kan nǹkan kan, ó lè fi 3 dB lọ sókè sódò, torí náà ẹ kà á lẹ́ẹ̀mélòó kan. Ẹ tún rí i pé 5 GHz kò ti yí padà sí 2.4 GHz láàárín ìgbà méjèèjì, torí 2.4 GHz máa ń wọ inú ògiri ju 5 GHz lọ, ẹ ó sì máa rò pé áńtẹ́nà ló ṣe é.

Inú ilé yìí kan náà, ẹ wá ro ohun tí 9 dBi tó dúró ṣánṣán máa ṣe. Òkè gan-an tó ti ṣófo tẹ́lẹ̀ ló máa tún ṣófo sí i. Ẹni tó fowó rà á á rí i pé pálọ̀ dára sí i, yàrá òkè sì ti burú sí i.

Ìgbà tí 9 dBi tó owó rẹ̀

Ilé ilẹ̀ tó gùn ni, tàbí yàrá kan tó dá wà níta tí ojú lè rí láti ibi tí ráútà wà. Síbẹ̀, ẹ ṣírò rẹ̀: 9 yọ 5 kù 4. 4 dB ni èrè tó pọ̀ jù tí ẹ lè rí gbà, èyí tó ń sọ −74 di −70. Ògiri bíríkì kan ṣoṣo lè jẹ ju ìyẹn lọ, ká má tíì dárúkọ kọnkéré. Bí ògiri mẹ́ta bá wà láàárín, èmi ò ní rà á. Bó bá jẹ́ pé 2 dBi ló bá ẹ̀rọ yín wá, tí ọ̀nà sì ṣí sílẹ̀, èrè náà lè tó 7 dB, ìyẹn sì tó nǹkan. Ọ̀nà méjèèjì ló sì ń ṣe é láǹfààní: ráútà á máa gbọ́ fóònù tó jìnnà dáadáa sí i. Ní Yúróòpù, òfin 2.4 GHz ka géènì áńtẹ́nà, ìyẹn dBi rẹ̀, mọ́ 100 mW tó gbọ́dọ̀ jáde, torí náà ẹni tó bá pa á mọ́ á dín agbára ráútà kù, ìgbọ́ràn yìí nìkan ló sì máa kù fún un.

Bó bá jẹ́ kọ̀ǹpútà orí ilẹ̀ lẹ ní, tí áńtẹ́nà rẹ̀ sá sẹ́yìn àpótí irin lábẹ́ tábìlì, gígùn kọ́ lẹ nílò. Ẹ ra ìdí onímágínẹ́ẹ̀tì tó ní wáyà, kí ẹ gbé áńtẹ́nà náà sórí tábìlì. Kí wáyà náà má gùn, torí tín-ín-rín rẹ̀ máa ń jẹ nǹkan bíi 2 dB ní mítà kan.

Bí ẹ bá ti pinnu láti rà

Ẹ kọ́kọ́ wo ìdí áńtẹ́nà tó wà nílẹ̀. Bí kò bá sí nọ́ọ̀tì irin tí ọwọ́ lè tú, wọ́n ti jó o mọ́ inú ni, ọ̀rọ̀ ríra parí síbẹ̀.

Bó bá tú, ẹ wo ẹnu tó wà lára ráútà. Púpọ̀ nínú ti Wáì-Fáì jẹ́ RP-SMA: ẹsẹ̀ ìdè wà níta, abẹ́rẹ́ wà láàárín. SMA lásán jọ ọ́ pátápátá, àmọ́ ihò ló wà láàárín tirẹ̀, ó sì wọ́pọ̀ lára ráútà 4G. Bí ẹ bá so ihò mọ́ ihò, á de dáadáa lọ́wọ́, ṣùgbọ́n inú kò ní kan ara wọn. Ohun tí ẹ ó fi mọ̀ ni pé nẹ́tíwọ́ọ̀kì á já wálẹ̀ kọjá ti tẹ́lẹ̀ kódà nínú yàrá kan náà pẹ̀lú ráútà. Abẹ́rẹ́ sí abẹ́rẹ́ burú jù, torí ó lè ba ẹnu ráútà jẹ́.

Lẹ́yìn náà, ẹ gbé rúlà lé e. Áńtẹ́nà ọ̀pá 20 sẹ̀ǹtímítà tí wọ́n kọ 12 dBi sí lára fún 2.4 GHz, irọ́ ni wọ́n kọ. Ẹni tó ń ta ojúlówó sábà máa ń kọ iye dígírì òkè sísàlẹ̀ sínú ìwé rẹ̀, kì í ṣe dBi nìkan. Ẹ rí i pé 2.4 àti 5 GHz wà níbẹ̀ bí ráútà yín bá ń lo méjèèjì, kí ẹ sì pààrọ̀ gbogbo áńtẹ́nà pọ̀, torí ráútà ń lò wọ́n papọ̀ ni.

Fún yàrá òkè tí áńtẹ́nà tí a tẹ́ kò ràn lọ́wọ́, ráútà kejì lókè, tí ẹ fi wáyà so mọ́ ti ìsàlẹ̀, ni kí ẹ fi owó 9 dBi náà kún owó rẹ̀.