Ilẹ̀ Onípákó fún Àwòrán 3D Ilé: Ṣé Ti Fọ́tò Ni Ká Rà Ni, Tàbí Èyí Tí Blender Ń Fi Ìṣirò Yà?

Ẹni tí ó bá ń wá ilẹ̀ onípákó fún àwòrán 3D ilé yóò bá oríṣi ọjà méjì pàdé. Èkíní ni fọ́tò ilẹ̀ tòótọ́, tí wọ́n ti tún etí rẹ̀ ṣe kí a lè máa tò ó mọ́ ara rẹ̀. Èkejì kò ní fọ́tò kankan nínú. Blender ni ó ń fi ìṣirò ya pákó, ìlà inú igi àti àlàfo àárín wọn. Pálọ̀ kan ṣoṣo ni mo fẹ́ fi gbé méjèèjì yẹ̀ wò: ó gùn ní mítà 6, ó fẹ̀ ní mítà 4.8, pákó rẹ̀ sì gùn ní mítà 1.2, ó fẹ̀ ní mítà 0.2. Pákó 120 ni yóò kún pálọ̀ bẹ́ẹ̀.

Ká ní fọ́tò tí ẹ rà jẹ́ píkísẹ́lì 4096 ní ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan, tí ó sì bo mítà 2.4 níbùú lóròó. Pákó 24 péré ni ó wà nínú rẹ̀, nítorí náà nǹkan bí ẹ̀ẹ̀marùn-ún ni pákó kọ̀ọ̀kan yóò fara hàn nínú pálọ̀ náà. Bí kókó dúdú kan bá wà lára ọ̀kan, ẹni tí ó bá ń wo ilẹ̀ náà láti òkè yóò tètè mọ̀ pé àwòrán kan náà ni a ń tò. Bí kámẹ́rà bá wà ní ìsàlẹ̀, tí àga àti kápẹ́ẹ̀tì sì bo ibi púpọ̀, àléébù yìí kì í sábà hàn. Ohun tí fọ́tò fi borí ni ìlà inú igi: n kò tíì rí ìlà oníṣirò tí ó tó ti igi gidi nígbà tí kámẹ́rà bá sún mọ́ ilẹ̀ pẹ́kípẹ́kí.

Nínú ti ìṣirò, pákó kọ̀ọ̀kan lè ní ìlà tirẹ̀, ẹ sì lè yí àwọ̀ rẹ̀ padà sí ti ìrókò láìba nǹkan jẹ́. Ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo èyí tí wọ́n ń tà ni wọ́n fara balẹ̀ ṣe. Ẹ kọ́kọ́ wo ibi tí pákó méjì ti pàdé. Bí ìlà igi bá kọjá láti orí ọ̀kan bọ́ sórí èkejì láìjá, ilẹ̀ náà yóò dà bí pákó ńlá kan tí wọ́n fi kálámù fa ìlà sí. Àtúnṣe rẹ̀ ni pé kí `Color1` nínú `Brick Texture` jẹ́ dúdú, kí `Color2` jẹ́ funfun, kí pákó kọ̀ọ̀kan lè ní nọ́ḿbà tirẹ̀, kí a sì fi nọ́ḿbà yìí sún ibi tí ìlà rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀.

Lẹ́yìn èyí, ẹ wo bí orí pákó ṣe tẹ̀ léra. `Brick Texture` a máa sún ẹsẹ̀ pákó ní ìdajì, bí bíríkìlà ṣe ń to búlọ́ọ̀kù, èyí tí kò jọ ilẹ̀ tí káfíńtà tẹ́. Ẹni tí ó mọ iṣẹ́ yóò pa `Offset` rẹ́, yóò mú `x` àti `y` láti `Object` nínú `Texture Coordinate`, yóò sì fi nọ́ḿbà àìròtẹ́lẹ̀ láti inú `White Noise Texture` sún ẹsẹ̀ kọ̀ọ̀kan:

```
row = floor(y / 0.2)
x   = x + 1.2 * random(row)

Scale 1.0   Offset 0.0
Brick Width 1.2   Row Height 0.2
Mortar Size 0.001
```

Ẹ kíyè sí i pé ẹ̀gbẹ́ pákó méjèèjì ni `Mortar Size` ń gé, nítorí náà mìlímítà 2 ni àlàfo tí a rí, kì í ṣe 1. Iye wọ̀nyí kò sì ní jẹ́ mítà tòótọ́ bí ẹ bá fa ilẹ̀ náà tóbi tí ẹ kò tẹ `Ctrl+A`, kí ẹ sì yan `Scale`. Mo ti fi àwòrán ránṣẹ́ sí oníbàárà rí tí pákó rẹ̀ fẹ̀ tó ilẹ̀kùn nítorí èyí.

Ibi tí àṣìṣe pọ̀ sí jù ni `Bump`. Nínú àlàfo, `Fac` tí ó ń jáde láti inú `Brick Texture` jẹ́ 1. Lórí pákó, ó jẹ́ 0. Bí a kò bá yí i padà kí ó tó wọ `Height`, àlàfo yóò yọ sókè bí okùn dípò kí ó jìn. Ẹ jẹ́ kí ìmọ́lẹ̀ gba ojú fèrèsé wọlé ní ìsàlẹ̀: bí àlàfo bá jìn lóòótọ́, etí rẹ̀ tí ó jìnnà sí fèrèsé ni yóò mọ́lẹ̀. Mo máa ń fi `Distance` sí 0.002 fún àlàfo, ìlà igi kò sì gbọdọ̀ tó ìdá mẹ́wàá rẹ̀, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ilẹ̀ tí wọ́n fi fánííṣì kùn yóò dà bí èèpo igi. Ìtànjẹ ìmọ́lẹ̀ lásán ni `Bump` o; etí pákó níbi àtẹ̀gùn kò ní yí padà, nínú ti fọ́tò àti ti ìṣirò.

Bí oníbàárà bá fẹ́ máa rìn nínú ilé náà nínú Unreal, ti fọ́tò ni kí ẹ rà. Nóòdù Blender kì í bá ilé náà lọ síbẹ̀. Ẹ ó ní láti sọ ọ́ di àwòrán ná. Bí ẹ bá sì tẹ́ píkísẹ́lì 4096 sórí mítà 6, píkísẹ́lì kan yóò fẹ́rẹ̀ẹ́ tó mìlímítà 1.5, àlàfo yín oní-mìlímítà 2 kò sì ní ju píkísẹ́lì kan àti díẹ̀ lọ.