Dráìfù 1 TB tó di 931 GB: ká fi ohun tí páálí kọ wé ohun tí kọ̀ǹpútà ń fi hàn

Ẹ ra dráìfù tuntun, 1 TB ni wọ́n kọ sára páálí rẹ̀. Ẹ so ó mọ́ kọ̀ǹpútà tó ń lo Windows, ẹ bá 931 GB lójú rẹ̀. Ohun tó máa ń kọ́kọ́ sọ sí èèyàn lọ́kàn ni pé wọ́n ti rẹ́ òun jẹ. Èmi náà ti fi ìbínú gbé irú dráìfù bẹ́ẹ̀ padà fún ẹni tó tà á fún mi rí, kò sì sí ohun tó ṣe dráìfù náà. Báìtì inú rẹ̀ pé pérépéré. Òṣùwọ̀n tí ẹni tó ṣe é fi wọ̀n ọ́n ni kì í ṣe òṣùwọ̀n tí Windows fi wọ̀n ọ́n.

Ẹgbẹ̀rún-ẹgbẹ̀rún ni ẹni tó ṣe dráìfù ń kà. Báìtì 1,000 ni kílóbáìtì kan, kílóbáìtì 1,000 ni mẹ́gábáìtì kan, bẹ́ẹ̀ títí dé tẹ́rábáìtì, bí gíráàmù 1,000 ṣe ń jẹ́ kìlógíráàmù kan. Windows ní tirẹ̀ ń ka 1,024-1,024. Ìdí ni pé ìlọ́po méjì ni wọ́n fi ń ṣètò mẹ́mórì kọ̀ǹpútà: tí ẹ bá mú 1, tí ẹ sọ ọ́ di ìlọ́po méjì lẹ́ẹ̀mẹwàá, 1,024 lẹ máa bá. Ó sún mọ́ ẹgbẹ̀rún débi pé àwọn àgbà iṣẹ́ yìí kàn yá orúkọ “kílò” fún un, wọ́n sì gbàgbé láti dá a padà. Nídìí kílò, ìyàtọ̀ náà ò tó nǹkan, 24 péré ni. Ṣùgbọ́n bí ẹ ṣe ń gòkè ló ń gorí ara rẹ̀: nígbà tí ẹ bá dé gígá, ó ti lé ní ìdá 7 nínú 100, ní tẹ́rà, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìdá 10.

Ní 1998, IEC, àjọ àgbáyé tó ń gbé ìlànà iṣẹ́ iná mànàmáná kalẹ̀, fún òṣùwọ̀n ti 1,024 ní orúkọ tirẹ̀, kí ọ̀rọ̀ má bàa dàrú mọ́: KiB, MiB, GiB, TiB. Gíbíbáìtì ni GiB, gígábáìtì ni GB. Windows ò gba orúkọ yẹn lò. GiB ló ń kà, GB ló ń kọ síwájú wa, ẹjọ́ tèmi sì nìyẹn pẹ̀lú Windows, kì í ṣe pẹ̀lú ẹni tó ṣe dráìfù. macOS ti kọ̀ǹpútà Apple ní tirẹ̀ ti bọ́ sí ti ẹgbẹ̀rún láti 2009, nígbà tí ẹ̀dà 10.6 jáde, nítorí náà ohun tó ń kọ àti ohun tí páálí kọ máa ń bára mu.

| Ohun tí páálí kọ | Ohun tí Windows máa kọ | Ohun tí macOS máa kọ |
|---|---|---|
| 500 GB | 465 GB | 500 GB |
| 1 TB | 931 GB | 1 TB |
| 2 TB | 1.81 TB | 2 TB |
| 4 TB | 3.63 TB | 4 TB |

Ẹ lè fojú ara yín rí i. Nínú Windows, ẹ tẹ dráìfù náà pẹ̀lú bọ́tìnì ọwọ́ ọ̀tún máòsì, kí ẹ yan `Properties`. Níwájú `Capacity`, nọ́ńbà méjì ló wà lórí ìlà kan náà: èyí tó gùn gbọọrọ ni iye báìtì, èyí tó kúrú ni GB. Dráìfù 1 TB tó wọ́pọ̀ jù ní báìtì 1,000,204,886,016. Nọ́ńbà tí ẹ máa rí lè fi díẹ̀ dín sí i, torí ètò tó ń pín dráìfù náà ń gba àyè díẹ̀ fún ara rẹ̀. Ẹ fi 1,024 pín báìtì yẹn lẹ́ẹ̀kan, 976,762,584 ni. Ẹ tún pín in, ó di nǹkan bíi 953,870. Ẹ pín in lẹ́ẹ̀kẹta, ó di 931.5. Báìtì kankan ò sọnù lójú ọ̀nà.

Lórí Linux, ẹ lè rí òṣùwọ̀n méjèèjì lọ́tọ̀ọ̀tọ̀:

```
df -h
df -H
```

`h` kékeré ń ka 1,024, `H` ńlá ń ka 1,000.

Ibi tí ọ̀rọ̀ yìí ti ń dun ẹni tó fẹ́ ra nǹkan gan-an ni ìgbà tó bá ń kó ẹrù láti inú dráìfù kan sí òmíràn. Ọ̀rẹ́ mi kan ní fídíò tó kún 940 GB nínú dráìfù àtijọ́, Windows ló sọ ọ́ fún un. Ó ra 1 TB tuntun, ó ní 60 GB ṣì máa ṣẹ́ kù. Ó kó o, kó o, ó ku díẹ̀ kó parí, kọ̀ǹpútà ní àyè ti tán. 940 tí Windows ń sọ yẹn, GiB ni. Báìtì 1,009,317,314,560 ló wà níbẹ̀, ó sì ti ju ohun tí dráìfù tuntun lè gbà lọ pẹ̀lú báìtì tó lé ní bílíọ̀nù 9. Ká ní orí macOS ló ti wò ó ni, 1.01 TB ni ì bá rí, kò sì ní ra 1 TB. Ẹ má ṣe fi nọ́ńbà Windows wé nọ́ńbà páálí láé. Ẹ wo iye báìtì ẹrù yín nínú `Properties`, kí ẹ fi bílíọ̀nù kan pín in: GB ti páálí nìyẹn.

Irú ọ̀fìn kan náà wà láàárín 240 GB, 250 GB àti 256 GB. Lójú Windows, wọ́n máa ń di 223, 232 àti 238. Wọ́n jọra, ṣùgbọ́n ẹni tó bá fẹ́ da dráìfù 250 GB kọ látòkè délẹ̀ sínú 240 GB máa rí i pé kò ní wọlé, bí dráìfù àtijọ́ yẹn tilẹ̀ ṣófo dé ìdajì, àfi tó bá kọ́kọ́ dín ìpín inú rẹ̀ kù.

Kì í ṣe gbogbo ohun tó dín ló jẹ́ ti òṣùwọ̀n o. Lórí Linux, tí ẹ bá fi ext4, ètò tó ń to fáìlì, ṣe dráìfù, ìdá 5 nínú 100 ni wọ́n ń fi pamọ́ fún root, ọ̀gá orí kọ̀ǹpútà náà, tí ẹ kò bá yí i padà. Lórí 1 TB, nǹkan bíi 50 GB nìyẹn. Kọ̀ǹpútà tí wọ́n tà pẹ̀lú Windows nínú náà sábà máa ń ní ìpín àtúnṣe tó fara pamọ́. Tí ohun tó dín lórí dráìfù òfìfo tí wọ́n ní 1 TB ni bá wá jù ìdá 7 nínú 100 lọ dáadáa, ìpín ni kí ẹ kọ́kọ́ wò.

Ayédèrú ní tirẹ̀ kì í dín. Fúláàṣì tí wọ́n fi ọgbọ́n ẹ̀wẹ́ kọ 2 TB sí nínú máa fi 1.81 TB hàn lójú Windows, bí ojúlówó gẹ́lẹ́, ìgbà tí ẹ bá kó nǹkan sínú rẹ̀ kọjá àyè tó ní ní tòótọ́ ni fáìlì máa bẹ̀rẹ̀ sí í bàjẹ́. Ohun kan ṣoṣo tó ń tú u fó ni kí ẹ kọ nǹkan kún un, kí ẹ sì kà á padà. Lórí Linux, ètò f3 ló ń ṣe é, `/mnt/usb` sì dúró fún ibi tí fúláàṣì yín wà:

```
f3write /mnt/usb
f3read /mnt/usb
```

Lórí Windows, `H2testw` ń ṣe iṣẹ́ kan náà. Ó lè gba ọ̀pọ̀ wákàtí. Níparí, ẹ wo ìlà `Data LOST` tí `f3read` kọ: tí kò bá jẹ́ òdo, ẹ dá fúláàṣì náà padà fún ẹni tó tà á.